Káàdì Ìdáhùn Tí Kò Sí Nínú Àpò Ìwé

Màmá Ṣọ́ra kò gbà pé aago mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà láyé. Ó jókòó síwájú tábìlì ògbufọ̀ nínú yàrá òkè tí ọkùnrin náà ti ń túmọ̀ ìwé fún àwọn tó fẹ́ rìnrìn àjò, ó gbé báàgì lé itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó sì ń ṣọ́ ẹnu ọkùnrin náà.

"Ẹ tún un kà."

"Aago mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, gẹ́lẹ́," ni ògbufọ̀ wí.

"Ta ló ní aago bẹ́ẹ̀? Pẹ̀lú gbogbo ewú orí mi yìí, mi ò tíì rí aago tó kọjá méjìlá. Ẹ ò rí i pé oníjìbìtì ló kọ káàdì yìí?"

Ẹ má dá a lẹ́bi. Àwọn ará àdúgbò kò ṣàdédé sọ obìnrin yìí ní Ṣọ́ra. Bó bá ra ìṣáná, á ṣí i, á ka ẹ̀là inú rẹ̀ lójú ẹni tó tà á. Bí wọ́n bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á kọ́kọ́ wò wọ́n títí kó tó dáhùn. Ká wá sọ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ gba káàdì ìgbéyàwó láti òkè òkun, lẹ́yìn ọdún méjìlélógún tí kò gbúròó ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó dájú pé ara á fu ú.

Ògbufọ̀ kò bínú. Ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà, orí rẹ̀ sì ti pá dé ìpàkọ́. "Màmá, láti òru dé òru ni àwọn wọ̀nyí ń ka wákàtí wọn. Bí ọ̀sán bá pé, wọn kì í padà sí ení, wọ́n á máa kà á lọ ni. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tiwọn ni mẹ́ta ọ̀sán tiwa. Aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán ni mo máa kọ. Ẹ má fojú kéré gẹ́lẹ́ yẹn o. Bó bá lu mẹ́ta ààbọ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn."

"Wọ́n á tì í mọ́ àlejò?"

"Wọ́n á tì í mọ́ ẹni tó bá pẹ́."

Màmá Ṣọ́ra mí kanlẹ̀. Ògbufọ̀ bọ́ sórí ìlà tó kàn, èyí tó sọ irú aṣọ tí wọn yóò wọ̀: kí ọkùnrin wọ kóòtù dúdú, kí obìnrin wọ aṣọ gígùn, kí wọ́n sì jọ̀wọ́ fi àwọ̀ funfun sílẹ̀ fún ìyàwó.

"Funfun kẹ̀?" Màmá sún àga rẹ̀ síwájú. "Funfun ni mo rà! Mo ti ran ọwọ́ ọ̀tún. Ta ló sọ fún wọn pé mo ra funfun?"

"Màmá, wọn ò mọ̀ pé ẹ ra nǹkan kan. Gbogbo àlejò ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀."

Ojú Màmá kò kúrò lára ọkùnrin náà. Ohun tó ń dùn ún ju aṣọ lọ. Orúkọ ìyàwó tí wọ́n tẹ̀ sórí káàdì náà, orúkọ ọmọ tó tọ́ fún ọdún mẹ́fà ni. Nígbà tí àwọn òbí ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ nílùú níbí, ilé wọn ló ń gbé, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń gbé e pọ̀n. Ó ń fi èdè tiwa bá a sọ̀rọ̀, ó sì sọ ọ́ ní Pupa. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tó gbà á, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí wọ́n kó lọ. Ó fẹ́ rí ọmọ yẹn kó tó kú. Ó fẹ́ ẹ débi pé ẹ̀rù ń bà á. Orúkọ ìwé lásán ló sì wà lórí káàdì náà, kò sí Pupa níbì kankan. Orúkọ ìwé ò ṣòro fún olè láti mọ̀.

Àwọn tó ń fúnni ní físà ló ní kó lọ túmọ̀ káàdì náà, kí ògbufọ̀ tí ìjọba mọ̀ sì tẹ òǹtẹ̀ sí i. Láìsí òǹtẹ̀, kò sí físà. Láìsí físà, kò sí Pupa.

Ògbufọ̀ dé ìlà ìkẹyìn. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi káàdì ìdáhùn tó wà nínú àpò yìí ránṣẹ́ sí wa kó tó di ọjọ́ kẹwàá oṣù karùn-ún." Ó gbé ojú sókè wo kàlẹ́ńdà ara ògiri. Ó ku ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Ó gbé àpò ìwé náà, ó la ẹnu rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. "Màmá, káàdì kékeré náà dà?"

"Káàdì kékeré wo?"

"Èyí tí ẹ máa kọ̀wé sí, pé ẹ ń bọ̀ tàbí pé ẹ ò lè wá. Ibi tí wọ́n bá ti kọ irú ìlà yìí, káàdì náà ní láti wà níbẹ̀."

Màmá Ṣọ́ra dìde. "O ti yọ ọ́! Mo mọ̀! Àtìgbà tí mo ti gòkè yìí ni ojú ẹ kò ti dúró sójú kan!" Ó ti gbàgbé "ẹ" ọ̀wọ̀ tó fi ń bá a sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ògbufọ̀ yí ìwé kan sí i. Ìwé ìgbàwọlé ni, èyí tí ó máa ń kọ kó tó fọwọ́ kan ẹrù oníbàárà. Ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé: àpò ìwé kan, káàdì ńlá kan. Màmá fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i nísàlẹ̀, lẹ́yìn tó kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó jókòó padà. "Ẹ fo ìlà yẹn, jàre," ló wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ẹ tẹ òǹtẹ̀ yín, kí n máa lọ."

"Mi ò lè fò ó. Àwọn tó máa gba ìwé yìí gbọ́ èdè náà jù mí lọ. Ohun tó wà ni mo máa túmọ̀, ohun tí kò sí, màá kọ ọ́ pé kò sí. Ìlà kan ni màá fi sísàlẹ̀: ògbufọ̀ kò rí káàdì ìdáhùn tí wọ́n mẹ́nu bà."

"Wọ́n á wá ní mo jí i!"

"Wọ́n á béèrè ibi tó wà, èyí ni mo mọ̀." Ó gbé ẹnu àpò ìwé náà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó sì fajú ro. "Màmá, ta ló lẹ àpò yìí kó tó dọ́wọ́ yín? Ẹ wò ó. Gúlù funfun ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é wà lábẹ́, wọ́n ti fà á ya. Òmíràn tún wà lórí rẹ̀, dúdú. Mi ò rí gúlù dúdú lára ìwé rí."

Màmá Ṣọ́ra na ọrùn. Ó rí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fura sí láti òwúrọ̀: akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́, ògbufọ̀, oníjìbìtì tí kò mọ̀ rí. Ẹnìkan ṣoṣo ni kò fura sí, ẹni tó bá a gba lẹ́tà náà wálé.

Màmá mú àpò ìwé náà, ó gba ilé lọ. Ṣọ́ọ̀bù onídìrí wà níwájú ilé rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òun ló sì gba lẹ́tà náà wálé. Ó ń to irun àtọwọ́dá sí orí kan tí wọ́n fi rọ́bà ṣe. Ìgò gúlù dúdú tó fi ń lẹ irun mọ́ orí oníbàárà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

Màmá kò kí i. Ó gbé ìgò náà, ó gbé e kalẹ̀, ó sì fi àpò ìwé tì í.

Onídìrí wo méjèèjì. Kò purọ́. Ó fa dúrọ́ọ̀ àwọn ìlẹ̀kẹ̀ irun, ó mú káàdì kékeré kan jáde lábẹ́ wọn, òun àti àpò kékeré tí wọn yóò fi dá a padà.

"Mi ò jù ú nù," ló wí.

"Kí ni mo fi ṣe ẹ́?"

"Ọdún mẹ́fà, Màmá." Ó ń wo irun ọwọ́ rẹ̀, kò wo ìyá rẹ̀. "Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tí ẹ mú mi lọ sọ́dọ̀ Màmá Àgbà. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni mò ń rí yín. Èmi ni mò ń dá irun ara mi dì, ẹ wà níbẹ̀ tí ẹ ń di ti ẹni ẹlẹ́ni. Mo rí káàdì yìí, mo ní ọmọ ẹlẹ́ni yẹn tún dé. Mo fẹ́ kó dúró títí kó má gbúròó yín. Kó mọ bó ṣe rí."

Ó dun Màmá Ṣọ́ra dé egungun. Ó la ẹnu láti sọ pé owó oṣù ibẹ̀ ló tọ́ ọ, ó pa á dé. Ọmọ náà mọ ìyẹn. Kì í ṣe ohun tó ń bi í nìyẹn.

"Gbé e," ló wí níkẹyìn. "Ọwọ́ ara ẹ lo máa fi gbé e lọ sọ́dọ̀ ògbufọ̀. Bó bá kúrò lójú mi, mi ò ní í gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ògbufọ̀ fi ìlà kẹta kún ìwé ìgbàwọlé rẹ̀: káàdì ìdáhùn kan pẹ̀lú àpò kékeré. Onídìrí dúró ti ilẹ̀kùn, kò fẹ́ jókòó. Ògbufọ̀ ka ìtẹ̀wé orí rẹ̀: àyè orúkọ, àyè iye èèyàn, àpótí kékeré kan fún ẹni tó ń bọ̀, òmíràn fún ẹni tí kò lè wá. Ó yí ẹ̀yìn káàdì sókè.

"Wọ́n fi ọwọ́ kọ nǹkan síbí. Ta ni Pupa?"

Màmá Ṣọ́ra di tábìlì mú. "Ibo lẹ ti gbọ́ orúkọ yẹn?"

"Òun ló fọwọ́ sí i." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á díẹ̀díẹ̀, ó ń túmọ̀ bó ti ń lọ: "Màmá mi. Ìjókòó méjì ni mo ti kọ sílẹ̀ fún yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ọmọbìnrin yín dání, ẹni tí fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri yàrá wa. Alaalẹ́ ni ẹ máa ń ní kí n kí i pé ó dàárọ̀ kí n tó sùn. Mi ò tíì rí i rí, àmọ́ òun ni ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo tí mo ní. Pupa."

Ògbufọ̀ yí iwájú káàdì náà padà, ó fi ìka kàn án. Lóòótọ́, ní àyè iye èèyàn, wọ́n ti fi bírò kọ méjì síbẹ̀.

"Ẹ ò sọ fún mi rí," ni onídìrí wí láti ẹnu ilẹ̀kùn. "Nípa fọ́tò yẹn."

"Ojú ń tì mí ni. Fọ́tò ni mò ń kí pé ó dàárọ̀, ìwọ sì wà láàyè." Ẹkún ti bo ohùn Màmá. "Mi ò ní ẹnu tí mo lè fi sọ ọ́."

Onídìrí rìn wọlé, ó fa àga, ó jókòó. Ògbufọ̀ ṣe bí ẹni ń wá bírò.

"Àwọ̀ wo ni wọ́n ní ká má wọ̀?"

"Funfun," ni Màmá wí.

Ògbufọ̀ kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe kọ ọ́. Màmá Ṣọ́ra fi àmì sínú àpótí àkọ́kọ́, ọmọ rẹ̀ kọ orúkọ àwọn méjèèjì. Ògbufọ̀ ya àwòrán káàdì náà sílẹ̀ fún àwọn onífísà, ó sì ní kí wọ́n wá gba ìtumọ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀ lọ́la. Onídìrí ki káàdì náà bọ inú àpò kékeré, ó lá ẹnu rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, àmọ́ kò lẹ̀. Ọ̀rinrin inú dúrọ́ọ̀ ti ba gúlù rẹ̀ jẹ́.

Ó nà án sí ìyá rẹ̀. Obìnrin tó máa ń ka ìṣáná kò gbà á, kò sì yẹ̀ ẹ́ wò.

"Mú un dání délé," ló wí. "Fi gúlù tìẹ lẹ̀ ẹ́, kí o bá wa fi ránṣẹ́."