Jẹ̀díjẹ̀dí Ojú Ìwé Kẹrìnlá

Rufus ti fi ìwé náà sórí wáásáàpù kíláàsì kí Eunice tó mọ̀ pé ó ti parí rẹ̀. Ojú ìwé méjìdínlógún ni. Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé, "Ẹ̀kọ́ Màmá Oyèbọ̀dé rèé o, Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé. Ẹ lọ tẹ̀ ẹ́ jáde."

Àdéhùn wọn kọ́ nìyẹn. Ilé-ẹ̀kọ́ ìlera kan ní Ìkàrẹ́ ni àwọn méjèèjì wà. Màmá Oyèbọ̀dé, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, máa ń wá láti Ọ̀kà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láti kọ́ wọn nípa àìsàn ọmọdé. Bí Màmá bá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn ní Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi parí rẹ̀, bó sì ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọn yóò fi ṣe ìdánwò. Ìdí nìyẹn tí kíláàsì fi kó ìwé akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin, ti Rufus wà lára wọn, fún Eunice àti Rufus, pé kí wọ́n sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo tó gún régé, kí wọ́n sì to àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ṣe pàtàkì àti ìtumọ̀ wọn sẹ́yìn ìwé. Rufus mọ kọ̀ǹpútà lò. Eunice ti ṣe òṣìṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú aláìsàn fún ọdún mẹ́sàn-án kó tó padà sí ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n ti jọ sọ ọ́ pé wọn yóò jọ kà á kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Eunice ṣí ìwé náà. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni "Malaria is a sign of malaria." Ó tún un kà, ó rò pé ojú òun ni. Ní ojú ìwé kejì, wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì fi tẹmómítà wo malaria ara ọmọ. Nígbà tó dé ibi tí Màmá ti ń sọ̀rọ̀ nípa ọdún mẹ́fà tó fi ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ohun tó bá níbẹ̀ ni "Malariadan." Ó pe Rufus.

"Rufus, kí lo ṣe fún ìwé yìí?"

"Àǹtí, mo ní kí kọ̀ǹpútà pààrọ̀ gbogbo 'iba' sí 'malaria' ni. Ó yá ju kéèyàn máa wá a lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Ìbàdàn ńkọ́?"

"Mi ò rò ó débẹ̀."

"Màmá máa ń pe ara gbígbóná ní ibà, ó sì máa ń pe malaria náà ní ibà. 'Fever' ni ti àkọ́kọ́. Yọ ìwé yẹn kúrò lórí wáásáàpù kí o sì máa bọ̀ wá bá mi."

Wọ́n jókòó sí kíláàsì tó ṣófo lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Eunice mú báírò pupa lọ́wọ́. Inú ń bí i, ṣùgbọ́n bó ṣe ń kà á lọ ni ìbínú náà ń di àárẹ̀. Rufus kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀. Nínú ìwé tirẹ̀, ó ti kọ ọ́ pé kí wọ́n wo "ikun" ọmọ bóyá ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, bóyá ó sì ki. Nígbà tó ń sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì, ó pè é ní "stomach."

"Ikùn wo ló máa ń ki, Rufus? Ikun imú ni Màmá ń sọ. Ṣé o ò rí i tó fọwọ́ kan imú rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni?"

"Mò ń kọ̀wé, Àǹtí. Mi ò wojú wọn."

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bá ORS pàdé, ìyẹn èròjà tí a ń pò mọ́ omi fún ọmọ tó ń yàgbẹ́. Rufus fẹ́ kí ìwé náà ṣe déédéé, nítorí náà ó ti sọ ORS inú sáṣẹ́ẹ̀tì àti omi oníyọ̀ òun ṣúgà tí ìyá ń pò nílé di orúkọ kan náà. Eunice fi báírò fa ìlà gígùn sí i.

"Ohun kan, orúkọ kan, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun méjì kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ kan. Bí a ṣe ń po ọ̀kan kọ́ là ń po èkejì."

Ojú ìwé kẹrìnlá ni agbára wọn pin sí. Ohun tí Rufus kọ síbẹ̀ ni pé bí ìyá bá sọ pé ọmọ òun ní "piles," kí nọ́ọ̀sì wo ìgbẹ́ rẹ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, kó fún un ní ORS, kó sì tètè fi ránṣẹ́ sí ọsibítù.

"Jẹ̀díjẹ̀dí ni Màmá pè é," Rufus wí. "Ìwé atúmọ̀ èdè ló sọ pé 'piles' ni. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi mi."

Eunice mọ̀ pé kò bá a mu, nítorí ní ọdún mẹ́sàn-án, kò rí ọmọ ọwọ́ kan tí wọ́n fún ní ORS nítorí jẹ̀díjẹ̀dí ìdí. Ṣùgbọ́n nínú ìwé mẹ́ta yòókù, ọ̀kan kọ "dysentery," ìyẹn ìgbẹ́ ọ̀rìn, èkejì kọ "piles," ẹ̀kẹta fi jẹ̀díjẹ̀dí sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó pe Màmá títí, fóònù kò wọlé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ ọ̀kadà lọ sí Ọ̀kà.

Màmá Oyèbọ̀dé ń ṣa ẹ̀wà níwájú ilé. Eunice kúnlẹ̀ kí i, ó sì na ìwé sí i. Màmá fi awò sójú, ó ka ojú ìwé kẹrìnlá, ó sì gbójú sókè wo Eunice.

"Ta ló sọ pé èyí ni mo kọ́ yín?"

Ohun tó ti ń ru nínú Eunice wá jáde. "Ẹ má bínú, Mà. Ọ̀dọ̀ yín ni wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Èdè méjì lẹ fi ń kọ́ wa, èdè kan ni wọ́n fi máa dán wa wò. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀nà mẹ́ta ló gbà jáde. Ó ti sú mi, Mà."

Màmá gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. Kò bínú.

"Ọdún àkọ́kọ́ tí mo ṣiṣẹ́ ní Àjọwá," ó wí, "ìyá kan gbé ọmọ wá, ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ohun tí wọ́n kọ́ mi ni mo kọ sínú káàdì, 'piles.' Mo ní kó máa lọ sílé. Ẹ̀jẹ̀ ti ń bá ìgbẹ́ ọmọ náà jáde láti ọjọ́ mẹ́ta, mi ò sì bi í. Nígbà tó fi máa gbé e padà lọ́jọ́ kejì, ojú ọmọ náà ti jìn wọnú."

"Ṣé ó kú, Mà?"

"Kò kú. A gbé e dé ọsibítù. Láti ìgbà náà, bí ìyá bá ṣe pè é ni mo ṣe ń pè é fún yín. Àwọn kan ń pe ti ìdí ní jẹ̀díjẹ̀dí, àwọn kan ń pe ìgbẹ́ ọ̀rìn bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí n ti sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Mi ò sọ ọ́."

"Kí ni ká wá kọ, Mà? Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní ká kọ."

"Ẹ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìyá wà bó ṣe sọ ọ́, kẹ́ ẹ wá kọ ohun tí nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ bi í sí i."

Nígbà tí Eunice padà dé Ìkàrẹ́, òun àti Rufus tún gbogbo rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ méjì ló gbà wọ́n. Wọ́n wá "iba" lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó jẹ́ mọ́kànlélógójì, Rufus sì ń kà á síta pẹ̀lú ojú tó fà ro. Ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlélógún ló wà nínú àkójọ ẹ̀yìn ìwé, gbogbo wọn pẹ̀lú àmì ohùn, nítorí Eunice kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní tẹ̀ ẹ́ jáde láìsí i. Wọ́n dá jẹ̀díjẹ̀dí padà sí ojú ìwé kẹrìnlá, ìtumọ̀ méjì ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀, wọ́n sì fi ìbéèrè tẹ̀lé e: ṣé ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, láti ìgbà wo, ṣé ọmọ ń mu omi?

Ní ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n pín ìwé tuntun náà ní kíláàsì, ó ju ìdajì kíláàsì lọ tó ti ṣe fótókọ́pì ti àkọ́kọ́. Rufus fúnra rẹ̀ ló dìde.

"Èyí tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ kò dára," ó wí. "Èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ má fi kàwé."

Wọ́n kùn. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Memunat, tí ó jókòó níwájú, ṣí ìwé tuntun náà wò, ó sì yí padà sí Eunice.

"Àǹtí, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì pátá ni. Kí ni Yorùbá tún ń ṣe ní ojú ìwé kẹrìnlá?"

Eunice mí kanlẹ̀, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ti Memunat, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé.