Ọwọ́ Tó Ń Dúró Láago Mẹ́jọ

Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé tí Oníwáyà yóò wọ ilé Ìyá Aránṣọ láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kẹrin náà sì rèé tí ẹ̀rọ tó fi ń yẹ wáyà wò yóò sọ fún un pé kò sóhun tó ṣe íńtánẹ́ẹ̀tì ilé náà. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni. Àdúgbò dákẹ́ rọ́rọ́, òṣìṣẹ́ ti lọ síbi iṣẹ́, ọmọ iléèwé ti lọ síléèwé.

"Ìyá, ó ń sáré bí ẹṣin," ni Oníwáyà wí.

"Ṣé mo ní kì í sáré láàárọ̀ ni?" Ìyá ò gbójú sókè lórí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀. "Alẹ́ ni mo sọ. Ìgbà mẹ́rin ni mo ti sọ ọ́ fún yín."

Lóòótọ́ ló ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n aago márùn-ún ni iṣẹ́ Oníwáyà ń parí, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kì í sì í rán ẹnikẹ́ni jáde lẹ́yìn ìyẹn àfi bí wáyà bá já. Nídìí wáyà, àdúgbò tí àwọn onílé ò sí nílé ni ojú rẹ̀ mọ̀. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ló ti kọ "kò sí àbùkù" sínú ìwé iṣẹ́, tó sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ògbólógbòó ni nídìí wáyà, kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn. Bóyá ohun tó ń ṣe é gan-an nìyẹn.

Lọ́jọ́ yìí, Ìyá ò jẹ́ kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ó nawọ́ sí àga fún un, ó sì là á yé e. Adití ni àbúrò òun obìnrin láti kékeré. Lẹ́yìnkùlé ìyá wọn ni àwọn méjèèjì ti dá èdè ọwọ́ tiwọn sílẹ̀, kò sì sí ẹnì kẹta láyé tó gbọ́ ọ tán. Ìlú mìíràn ni àbúrò náà wà, ilé ìṣebúrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́. Aago méje alẹ́ ló ń kúrò níbẹ̀, tó bá sì di mẹ́sàn-án, ó ti sùn, nítorí kílẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń dáná ààrò. Aago mẹ́jọ nìkan ló kù fún wọn láti ríra lórí fídíò.

"Èmi ń rí i kedere," ni Ìyá wí. "Òun ni kì í rí mi. Ó ní ọwọ́ mi máa ń dúró sójú kan bí ọwọ́ ère. Bí àwòrán ẹlòmíràn bá dúró, ẹ ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Tèmi ńkọ́? Bí ọwọ́ mi bá ti dúró, mo yadi nìyẹn." Ó tún abẹ́rẹ́ máṣíìnì ṣe, kò rán nǹkan kan. "Ó ti ń rò pé ṣe ni mo mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é. Ó ní bí òun bá ti sú mi, kí n sọ. Bí kò bá tún rí ọwọ́ mi lọ́jọ́ Àìkú yìí, òun ò ní pè mí mọ́."

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ náà. Ojú ti Oníwáyà díẹ̀. Ó ní òun á padà wá lálẹ́, kì í ṣe lórúkọ ilé-iṣẹ́.

Nígbà tó dé, aago mẹ́jọ ku ogún ìṣẹ́jú. Gbogbo fèrèsé ló ti tanná. Ó so ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ wáyà, ó sì rí i pé ìsáré àárọ̀ ti dín kù.

"Ìyá, wáyà yìí kì í ṣe tiyín nìkan," ló ṣàlàyé. "Wáyà kan ṣoṣo ló ń ti inú àpótí irin ìkòríta wá, ọgọ́fà ilé ló sì pín in lò. Láàárọ̀, ó kù díẹ̀ kó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ wà lójú ọ̀nà. Lálẹ́, gbogbo wọn ti dé, wọ́n ń wo fíìmù, kálukú ń dúró kó kàn án. Wáyà ò bàjẹ́. Èrò ló pọ̀."

"Kí ló dé tí èmi ń rí àbúrò mi, tí òun ò rí mi?"

Oníwáyà tún wo ẹ̀rọ rẹ̀. Ọ̀nà tí nǹkan ń gbà wọlé fẹ̀, fíìmù gbogbo ilé ló ń gba ibẹ̀. Ọ̀nà tí nǹkan ń gbà jáde há púpọ̀, ibẹ̀ sì ni àwòrán ọwọ́ Ìyá gbọ́dọ̀ gbà. Ta ló wá kún ọ̀nà ìjáde?

Ní aago mẹ́jọ gééré, àbúrò yọ lójú fóònù, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Ìyá gbé ọwọ́ sókè. Lójú ẹsẹ̀, nọ́ńbà ọ̀nà ìjáde já wálẹ̀ lórí ẹ̀rọ Oníwáyà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òdo. Àbúrò náà mi orí, ó na ìka sí ojú ara rẹ̀, ó sì sọ ọwọ́ sílẹ̀. Ìyá ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ lọ síbẹ̀.

Oníwáyà fi fóònù tirẹ̀ pe akẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ṣọ́ àwọn ọ̀nà ní ọ́fíìsì.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ń wò ó," ni onítọ̀hún wí. "Lálaalẹ́, ẹrù ọ̀nà ìjáde ń lọ jẹ́jẹ́ títí di mẹ́jọ, ó wá ga lójijì bí ògiri, ó di mẹ́sàn-án kọjá kó tó wálẹ̀. Bó bá jẹ́ ènìyàn ni, díẹ̀díẹ̀ ni ì bá máa ga. Ẹ̀rọ nìyẹn. Ẹnì kan ló ní kí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ pa pọ̀."

Oníwáyà bojú wo ìta. Iná pupa kékeré kan ń ṣẹ́jú lára ògiri ilé tó kọjú sí wọn, òmíràn ń ṣẹ́jú nílé tó tẹ̀ lé e. Ó mọ iná náà.

Kámẹ́rà ni. Láti ìgbà tí olè ti fọ́ ilé kan ládùúgbò náà ló ti ń bá àwọn onílé so ó lẹ́yìn iṣẹ́, ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àwòrán tí kámẹ́rà bá ká lójúmọ́ ló ń fi ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì síbi ìpamọ́ tó jìnnà. Lórí èyí àkọ́kọ́, Oníwáyà fi àkókò ìfiránṣẹ́ náà sí aago mẹ́jọ alẹ́ kí onílé lè wà nílé, kó fojú ara rẹ̀ rí i pé ó lọ. Ó dà á kọ sórí ọgbọ̀n yòókù láìronú.

Ì bá rọrùn kó ní ọ́fíìsì ló ni ẹ̀bi. Ó tilẹ̀ la ẹnu láti sọ bẹ́ẹ̀.

"Ìyá, èmi ni," ló wí. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró.

Ìyá gbé fóònù tó ti ṣú sílẹ̀. Láti oṣù mẹ́ta yìí, "ẹ" ló ń fi bá a sọ̀rọ̀.

"Oṣù mẹ́ta," ló wí. "O wá ń wọlé síbí láàárọ̀, o ń sọ fún mi pé ó ń sáré bí ẹṣin."

Oníwáyà pa ọjọ́ Ẹtì jẹ lẹ́nu iṣẹ́. Láti ìgbà náà títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹnu ọ̀nà ló ń kàn kiri. Ó ń sún kámẹ́rà sí òru nígbà tí ọ̀nà ṣófo, ó sì fún ilé kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀ kí wọ́n má tún dìgbò lu ara wọn. Ẹnì kan bi í léèrè bóyá ojú àwọn ló tún wá wò nínú kámẹ́rà. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì jẹ́wọ́ níbẹ̀ náà. Onílé kan ò sí nílé, kámẹ́rà tirẹ̀ ṣì wà ní aago mẹ́jọ. Ó kọ̀wé sí ọ́fíìsì pé ọgọ́fà ilé ti pọ̀ jù fún wáyà kan, kí wọ́n pín in sí méjì. Ó mọ̀ pé ìyẹn á pẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó dúró lẹ́yìn àga Ìyá. Aago mẹ́jọ lù. Nọ́ńbà náà mì, ó wálẹ̀ díẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Ọwọ́ Ìyá ń lọ, ń bọ̀. Lójú fóònù, àbúrò sún mọ́ ọn, ó fọwọ́ bo ẹnu, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n. Ìyá náà ń sunkún, kò sì lè nu ojú nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò ráyè.

Nígbà tó yá, àbúrò nawọ́ sí Oníwáyà.

"Ó ní ta nìyí," ni Ìyá wí. "Mo ní ẹni tó dí ọ̀nà ni."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń fọwọ́ tọrọ àforíjì?" ni Oníwáyà bi í.

Ìyá fi hàn án: àtẹ́lẹwọ́ láyà, ẹ̀ẹ̀mejì, kí ó wá ṣí i sílẹ̀. Oníwáyà ṣe é, ọwọ́ rẹ̀ wúwo, kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ń wo ojú fóònù bóyá yóò dé.

Ó dé. Àbúrò rẹ́rìn-ín, ó sì dáhùn.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Ó ní o ò mọ̀ ọ́n ṣe," ni Ìyá wí, "kí o tún un ṣe."