Erin Láàárín Ẹ̀ga

Wẹ́dà kan wà tí wọ́n ń pè ní Erin. Èjìká rẹ̀ kún ẹnu ọ̀nà, ọrùn rẹ̀ ki bí ìtì igi. Ta ló máa rí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ tí kò ní sọ pé báàsì, olóhùn ìsàlẹ̀, ni? Báàsì náà ló jókòó sí látọjọ́ tó ti wọ ẹgbẹ́ akọrin, tí ìyàwó rẹ̀ wà lọ́hùn-ún láàárín àwọn sopránò, àwọn obìnrin olóhùn òkè. Àwọn tẹ́nọ̀, ọkùnrin olóhùn òkè, ńkọ́? Ẹ̀ga, ẹyẹ aláriwo, ló ń pè wọ́n.

"Ẹ̀yin ẹ̀ga, ẹ rọra o! Ẹ jẹ́ káwọn obìnrin náà rí nǹkan kọ!"

Ohun tẹ́nìkan ò mọ̀ ni pé, bí orin bá ti wọlẹ̀, ẹnu lásán ni Erin ń là. Télọ̀ tó jókòó tì í, tó gbẹ bí igi ìṣáná, ló ń kọ ọ́ fún àwọn méjèèjì.

Nígbà tí olùkọ́ orin tuntun, obìnrin kan, dé, ó gbọ́ orin kan, ó mi orí. "Ìsàlẹ̀ ń jò. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ yín lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ara Erin tutù. Obìnrin náà tẹ dùùrù láàárín, ó ní kó máa bá òun sọ̀ kalẹ̀: sò, fá, mí, rè, dò. Erin bá a dé dò. Wọ́n tún sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ni ohùn bá pòórá. Fùùù! Bíi táyà tí ìṣó gún. Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Òtútù ló mú mi, mà."

"Ẹ jẹ́ ká gòkè wò, ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n gòkè. Ibi tí ọrùn télọ̀ ti ń le nígbà tí wọ́n dán òun náà wò lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ gan-an ni ohùn Erin là, tó mọ́ gaara.

"Tẹ́nọ̀ ni yín."

"Èmi? Pẹ̀lú ara yìí?"

"Ìwọ̀n ara kọ́ ló ń sọ ọ́, sà. Kì í sì í ṣe ibi tẹ́ ẹ lè fipá dé la ń wò. Ibi tí ohùn ti ń dán láìjà, ibẹ̀ nilé rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni Erin gbéra, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ kọjá níwájú gbogbo wọn. Ì bá dára kí ilẹ̀ lanu.

Bábà kan, agẹrun tó jẹ́ aṣíwájú àwọn tẹ́nọ̀, pariwo: "Ẹ sún o! Ẹ̀ga ńlá dé! Ṣé ẹ̀ka yìí á gbà á ṣá?"

Gbọ̀ngàn hó yèè. Erin jókòó, ó dorí kodò.

"Ẹ má bínú," ló wí lábẹ́ ètè.

"A ò gbọ́," ni bábà dá a lóhùn. "Ẹ̀ga kì í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́."

Orin bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí tẹ́nọ̀ máa gòkè, ojú ṣì ń ti Erin débi pé ó fẹ́ la ẹnu lásán bí ìṣe rẹ̀. Ohùn ò gbà. Ó bọ́ sóde, ó dán, ó ga ju ti bábà lọ. Ìyàwó rẹ̀ gbójú sókè. Erin ò lè wò ó. Ó kàn tẹjú mọ́ ilẹ̀, etí rẹ̀ ń gbóná, ó sì ń kọ ọ́ lọ.