Ẹyẹ Tí Aró Ò Kàn

Aláró ni mí. Ọlọ́wọ́ Búlúù làwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí, torí bó ti wù kí n fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi tó, èékánná mi ò ní funfun mọ́ láyé yìí. Ìyẹn ò bí mi nínú. Ohun tó ń bí mi nínú ni kí aṣọ ti ọwọ́ mi jáde kó dúdú níbì kan, kó pọ́n níbòmíì. Ẹni tó bá ní òun ti rí irú ẹ̀ lọ́wọ́ mi rí, irọ́ ló pa, kó wá sọ ọ́ lójú mi! Àbí, bí mo ṣe máa ń sọ tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Òjò ń sẹ̀ wínníwínní lọ́jọ́ tí àwọn obìnrin méjì wọlé tọ̀ mí wá. Ìkejì ń rìn lẹ́yìn ìkíní bí ọmọ iléèwé tó ṣẹ̀. Ẹni tó ṣáájú ló sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó àbúrò mi nìyí. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló kú lóṣù tó kọjá."

Mo ní, "Háà! Ẹ kú ìrọ́jú o. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí irú ẹ̀ mọ́."

"Àmín. Ẹ wá wo aṣọ tó ń wọ̀ káàkiri. Yẹ́lò rèé, àwọ̀ ọsàn rèé, ó ń tàn yòò! Àwọn èèyàn ń bi mí bóyá ọjọ́ ìbí ló ń lọ. Mo sì ti sọ fún un pé tí n bá tún rí aṣọ yìí lọ́rùn ẹ̀ báyìí, màá dáná sun ún. Ẹ bá mi sọ ọ́ di dúdú. Màá bá a wá gbà á lọ́jọ́ Sátidé."

Bó ṣe bá tirẹ̀ lọ nìyẹn. Ìyàwó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó ró ìró tó mú wá, ó sì bọ́ gáùn tó wọ̀ náà, ó nà án sí mi. Ànkárá gidi ni, ẹyẹ kún inú ẹ̀ pitimu, tẹsẹ̀ tìyẹ́, pẹ̀lú àwọn ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí irun orí.

Ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ káwọn ẹyẹ yẹn pa rẹ́."

"Ìwọ náà fara balẹ̀. Ṣé aró dúdú kirikiri lo rò pé màá dà sí i? Ìyẹn á gbé gbogbo ẹ̀ mì. Búlúù ni màá lò, màá sì fi omi là á kó fúyẹ́. Aró kì í pa ìlà tó ti dúdú tẹ́lẹ̀ rẹ́, ibi tó mọ́lẹ̀ ló ń wọ̀. Yẹ́lò á di àwọ̀ ewé, funfun á di búlúù, àwọ̀ ọsàn á ṣú, ìlà á sì dúró síbi tó wà. Màá rì í, màá yọ ọ́ wò, màá tún un rì. Téèyàn bá wò ó lókèèrè, á ní dúdú ni. Tó bá súnmọ́ ọ, á rí ẹyẹ."

Mo fi etí ìsàlẹ̀ aṣọ náà, lápá inú, dán aró wò, mo sì dúró kó gbẹ, torí aṣọ tútù máa ń purọ́ dúdú fún èèyàn. Ó dáa. Mo wá gbé omi gbígbóná kalẹ̀, mo da ọṣẹ àti sódà sí i. Dandan ni ká kọ́kọ́ fọ òógùn àti ọ̀rá kúrò lára aṣọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ aró á mú un níbì kan, á fi ibòmíì sílẹ̀.

Bí mo ṣe ní kí n ju gáùn yẹn sínú omi báyìí, ìyàwó já a gbà mọ́ mi lọ́wọ́. Omi ta sí mi lẹ́sẹ̀.

"Yéè! Kí ló dé? Ṣé o fẹ́ bó mi láàyè ni?"

Ó tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì, ó sì fi ìka kan ẹyẹ kan níbi itan ọ̀tún. Gbogbo ẹyẹ yòókù ló lójú. Àwọn tó tẹ aṣọ náà ló gbàgbé ojú tèyí. Ẹnì kan ti wá fi bírò ya ojú sí i, ó wọ́, ó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó ní, "Orí itan mi lọmọ mi sùn sí ní ọsibítù. Ó ní, 'Màmá, èyí ò ríran.' Ó yá bírò nọ́ọ̀sì, ó ya ojú fún un. Ó ní ó ti lè mọ̀nà ilé báyìí." Ó nu imú. "Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti kó bàtà ẹ̀, aṣọ ẹ̀, gbogbo ẹ̀ pátá fáwọn èèyàn. Wọ́n ní kí n lè tètè gbàgbé ni. Èyí nìkan ló kù. Tí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á fi sísọ́ọ̀sì gé e kúrò."

Mo jókòó. Àánú ẹ̀ ṣe mí, inú sì tún bí mi. Ṣé ẹnu ò sí láti fi sọ ọ́ látàárọ̀ ni? Ṣùgbọ́n ta ni màá bínú sí? Ọṣẹ àti omi gbígbóná á gbé bírò yẹn lọ. Tí n bá ní kí n yọ́ àbẹ́là lé e kí aró má kàn án, bírò ní òróró nínú, àbẹ́là gbígbóná á yọ́ òun náà dànù. Mo kó ibẹ̀ jọ, mo fi ọ̀rá ike wé e, mo fi rọ́bà dì í pinpin.

Mo ní, "Di ibí yìí mú. Kò gbọ́dọ̀ kan omi."

Ó dì í mú lókè omi gbígbóná, ó dì í mú lókè aró, bí ẹní gbé orí ọmọ dání. Mo ní kó sinmi díẹ̀, ó kọ̀. Mo rì í, mo yọ ọ́, mo wò ó, mo tún un rì. Mo ṣàn án títí omi fi mọ́, mo sá a síbi tí oòrùn ò dé.

Nígbà tó gbẹ, kò sí ìyẹ́ kan tó sọnù. Aró náà tẹ́ lọ rere. Àmọ́ nígbà tá a tú rọ́bà, ẹyẹ kan ṣoṣo ń tàn yẹ́lò láàárín òkùnkùn yẹn, ó sì tó àtẹ́lẹwọ́.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ bá a wá lọ́jọ́ Sátidé. Ìyàwó wọ gáùn náà jáde, ọwọ́ ẹ̀ ti wà lórí itan.

"Gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀, kí n rí i."

Ìyàwó wò mí. Mi ò mọ ohun tó fẹ́ kí n ṣe. Ó gbé ọwọ́ kúrò.

"Kí lèyí? Ta ló fi bírò kọ nǹkan síbẹ̀?"

Mo ní, "Èmi ni. Èmi ni mo fi bírò sàmì síbẹ̀. Òróró ló dà sí i lọ́wọ́ mi, aró ò wọ̀ ọ́. Mo bà á jẹ́. Ẹ má bínú."

"Ẹ tún un rì."

"Tí n bá tún un rì, á ya."

Ó pòṣé. "Ẹ̀yin tí wọ́n ń pariwo yín káàkiri! Kò sẹ́ni tí mi ò ní sọ fún." Kò sì purọ́. Kò pẹ́ tí méjì nínú àwọn oníbàárà mi àtijọ́ fi wá kó aṣọ wọn lọ. Ó dùn mí, kò sí irọ́ níbẹ̀. Kò sí àbàwọ́n tó ti ọwọ́ mi jáde rí, àfi èyí tí mo fi ẹnu ara mi gbà.

Mo máa ń rí ìyàwó tó bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Gáùn yẹn ló máa ń wọ̀, ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ kì í kúrò lórí itan, yálà ẹrù wà lọ́wọ́ kejì tàbí òjò ń rọ̀. Obìnrin tó ń ta bọ́tìnì ní ìdojúkọ mi bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ìyàwó yẹn, ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ún ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ń dùn ún gan-an."