Àtàǹpàkò Àǹtí Mùjídàt

"Kí ló dé tó o fi yan yunifásítì wa? Ìdáhùn rẹ kò gbọdọ̀ pé igba ọ̀rọ̀."

Ìbéèrè tó wà lójú kọ̀ǹpútà Fatihah nìyẹn. Ìdáhùn tòótọ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń jẹ gúgúrú. Tìmílẹ́yìn ni. Bí ọmọkùnrin yìí bá rẹ́rìn-ín lásán, àyà Fatihah á sọ kúlú. Wọ́n ti ṣàdéhùn pé àwọn á jọ lọ sí Yunifásítì Bramwick ní Kánádà, àwọn á jọ máa rìn nínú yìnyín.

Ṣùgbọ́n wọn kì í kọ ìfẹ́ sínú fọ́ọ̀mù. Àǹtí Mùjídàt, tó ń múra àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ilé ìwé òkèèrè nínú pálọ̀ rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọ̀nà kan tó fi ń dán ìdáhùn wò. Á fi àtàǹpàkò bo orúkọ yunifásítì náà, á wá fi orúkọ òmíràn kà á. Tó bá ṣì bá a mu, ìdáhùn náà ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ti Fatihah kò gba orúkọ míì rárá. Ó kọ ọ́ pé Ẹ̀ka Ìmọ̀ Èdè ní Bramwick ní ibi ìpamọ́ ohùn, níbi tí kásẹ́ẹ̀tì àwọn àgbà Ìjẹ̀bú ayé àtijọ́ wà. Pé kíláàsì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti gba irú ohùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Pé òun fẹ́ kọ́ ọ, kóun lè gba ohùn ìyá àgbà òun, Ràmọ́tà, sílẹ̀ ní Ayépé, ẹni tó ń sọ Ìjẹ̀bú tí àwọn ọmọ ilé rẹ̀ fúnra wọn kò gbọ́ tán mọ́. Ó tilẹ̀ kọ ímeèlì sí olùtọ́jú ibẹ̀ kó tó fọkàn balẹ̀.

"Èyí dáa," ni Àǹtí wí. Ó yí sí ti Tìmílẹ́yìn. "'Bramwick jẹ́ ilé ìwé tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé. Àyíká rẹ̀ tutù.' Tìmílẹ́yìn, mo fi yunifásítì Ìjagun, ìtòsí wa níbí, sí i, ó bá a mu. Ṣé kí n dá ọ̀kadà dúró fún ọ?"

Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Tìmílẹ́yìn kò rẹ́rìn-ín.

Ó fa Fatihah jáde sí ìta. "Fátì mi, fún mi ní ti kásẹ́ẹ̀tì yẹn. Màá sọ pé mo fẹ́ fi kọ́ kọ̀ǹpútà kó máa gbọ́ Ìjẹ̀bú."

"Ìwọ ọmọ Èkìtì?"

"Ṣé wọ́n máa bi mí ni?"

"Jẹ́ ká jọ kọ ọ́ nígbà náà."

"Wọ́n á ní a wo ara wa kọ, wọ́n á da méjèèjì nù. Ìwọ lo mọ̀wé, wàá rí nǹkan míì."

"Tí wọ́n bá mú ọ, tí wọn ò mú mi ńkọ́?"

Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Mi ò ní lọ. Mo ṣèlérí."

Ojú yẹn! Ta ni yóò wo ojú yẹn tí yóò ní rárá? Fatihah kọ ọ́ fún un, ó sì kọ ọ́ dáadáa. Ó fi ìyá àgbà Ràmọ́tà pàápàá sí i, ó wá di ìyá àgbà Tìmílẹ́yìn.

Ọjọ́ tí wọ́n máa ti fọ́ọ̀mù pa ni ọjọ́ yẹn. Fatihah wá nǹkan míì títí, kò rí èyí tí ọkàn rẹ̀ gbà. Ó kọ ilé ìkàwé ńlá, ó kọ àwọn olùkọ́ tó dáńtọ́. Àǹtí bo orúkọ náà. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́tẹ̀ yìí.

"Fatihah, ìyá àgbà ẹ dà?"

"Mo yọ ọ́, mà."

"Nítorí kí ni?"

Fatihah wo Tìmílẹ́yìn. Tìmílẹ́yìn ń wo fóònù rẹ̀. Fatihah bá fi fọ́ọ̀mù tirẹ̀ ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bramwick mú Tìmílẹ́yìn, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Wọ́n kọ̀wé sí Fatihah pé ó dun àwọn, àwọn ò lè mú un. Tìmílẹ́yìn sunkún, ó ní, "Ọdún tó ń bọ̀, ìwọ náà á wá bá mi." Ó wọkọ̀ òfuurufú lọ.

Nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, Tìmílẹ́yìn pe Fatihah.

"Tìmí, jọ̀ọ́, bá mi wò ó bóyá ará Ayépé kankan wà nínú kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn."

"Kásẹ́ẹ̀tì wo?"

"Ti ibi ìpamọ́ ohùn. Ìsàlẹ̀ ilé ìkàwé."

"Áà! Níbi tí wọ́n ti ń ta kọfí lẹ́nu ọ̀nà! Mi ò tíì wọbẹ̀ rí o. Mo ti yí sí ìmọ̀ okòwò."

Nígbà tí wọ́n parí ọ̀rọ̀, Tìmílẹ́yìn fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí i: "Fatihah, ìwọ ni ìmọ́lẹ̀ ayé mi. Ẹwà rẹ kò lẹ́gbẹ́. Àárò rẹ ń sọ mí."

Tẹ́lẹ̀ rí, irú èyí kò ní jẹ́ kó sùn. Fatihah fi àtàǹpàkò bo orúkọ ara rẹ̀, ó fi orúkọ òmíràn, Mùínátù, kà á. Ó bá a mu. Ó fi Helen kà á. Ìyẹn náà bá a mu.