Ọwọ́ Òsì Alameen

Ọjọ́ kẹtàdínlógún lẹ́yìn tí wọ́n sin Alameen ni àbúrò rẹ̀ gbé táblẹ́ẹ̀tì tí Alameen fi ń ya àwòrán sínú kọ̀ǹpútà wá sí ọ́fíìsì wa ní Okota. Fíìmù alàwòrán tó ń yà ku ìṣẹ́jú àáyá kan kó parí. Àwòrán méjìlá nìyẹn. Àǹtí Nafeesah, ọ̀gá wa, ní kí n yà á.

"Ìlà ẹ gbọ́dọ̀ jọ tiẹ̀, Morọ́lá. Bí kò bá jọ ọ́, àwọn tó gbéṣẹ́ fún wa á mọ̀. Aago mẹ́rin ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́."

Mo so táblẹ́ẹ̀tì náà mọ́ kọ̀ǹpútà mi, mo sì kó sẹ́tíǹgì tí Alameen fi pamọ́ sínú ẹ̀. Mo gbé kálàmù sókè, àmì ojú kọ̀ǹpútà lọ sísàlẹ̀. Mo gbé e sọ́tùn-ún, ó lọ sósì. Orí mi wú. Mi ò gbà pé òkú ń ya àwòrán.

Mo ṣí sẹ́tíǹgì wò. Alameen ti yí i sí ti ọlọ́wọ́ òsì, èyí tí a máa ń yí táblẹ́ẹ̀tì po kí a tó lò. Ó tún ti sọ agbára títẹ̀ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́: bí kálàmù bá ṣáà ti kàn án, ìlà dúdú tó nípọn ló ń jáde.

Ọwọ́ ọ̀tún ni Alameen ń lò. Ọdún mẹ́fà la fi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, kó tó di pé ilé wọn ní Apakun ló ti ń ṣiṣẹ́.

Mo yí gbogbo ẹ̀ sí tèmi: ọwọ́ ọ̀tún, títẹ̀ líle, bọ́tìnnì tó ń pa ìlà rẹ́ lápá òsì. Mo tún àga ṣe kí ẹsẹ̀ mi kanlẹ̀, kí ìgbọ̀nwọ́ mi sì bá tábìlì dọ́gba. Mo ya mẹ́ta.

Àwòrán tí Alameen yà kẹ́yìn hàn ní pupa fẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ tèmi, bí ẹ̀rọ ṣe ń fi èyí tó ṣáájú hàn kí a lè tẹ̀lé e. Ìyá àgbà kan ń na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. Ìlà tiẹ̀ ń gbọ̀n.

"Kò jọ ọ́," Àǹtí Nafeesah sọ lẹ́yìn mi. "Tìẹ ti mọ́ jù."

Mo rántí ohun tí mo sọ fún Alameen lórí fóònù lóṣù kẹta: "Alameen, ṣé ọmọ jẹ́léósinmi lo gbéṣẹ́ fún ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, àǹtí. Ẹ jẹ́ n tún un yà."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló tún un yà.

Mo dá sẹ́tíǹgì ẹ̀ padà. Mo yí táblẹ́ẹ̀tì po kí bọ́tìnnì lè bọ́ sápá ọ̀tún, ìgbà yẹn ni mo rí téèpù funfun lẹ́yìn ẹ̀. Ó kọ ọ́ wọ́gọwọ̀gọ: *Dìde ní ogoogójì ìṣẹ́jú. Na ọwọ́. Má jẹ́ kí Àǹtí Morọ́lá mọ̀.*

Ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ló ti kọṣẹ́, kò sì jẹ́ kí n mọ̀. Mo pa mẹ́ta tèmi rẹ́. Mo fi kálàmù sọ́wọ́ òsì. Mi ò tẹ̀ ẹ́, mo kàn fi kàn án. Ìlà náà bọ́ sórí pupa tiẹ̀, ó ń gbọ̀n bí tiẹ̀ ṣe ń gbọ̀n.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, Àǹtí Nafeesah wo méjèèjìlá. "Ọwọ́ ẹ̀ gan-an nìyí. Báwo lo ṣe ṣe é?"

Mo fi téèpù yẹn hàn án. Ó kà á, ó sì jókòó.

Mo dìde, mo na ọwọ́. Ti ọ̀tún dúró jẹ́ẹ́. Ti òsì ṣì ń gbọ̀n.