Ojú Kì í Ṣe Léèsì

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi mọ́ pé kámẹ́rà kì í rí èèyàn dúdú. Iṣẹ́ tèmi ni kí n tún àwọ̀ fíìmù ṣe kó tó jáde síta, ọ̀rọ̀ yẹn sì ti sú mi pátápátá.

Òkè Padre ni yàrá iṣẹ́ mi wà, nínú ilé bàbá mi. Mo kun ògiri rẹ̀ ní àwọ̀ eérú, mo ta aṣọ dúdú bo fèrèsé, iná kékeré kan ṣoṣo ló sì ń tàn lẹ́yìn ẹ̀rọ. Àwọn ìyàwó ilé a máa bi mí pé, “Sọ̀fíyàt, òkú ta lò ń ṣọ̀fọ̀?” Kì í ṣe ọ̀fọ̀. Ohun tó bá yí ojú ká máa ń tan ojú jẹ. Bí ògiri bá pupa, ẹni tó ń wo àwòrán níwájú rẹ̀ kò ní mọ ìgbà tó máa ṣi àwọ̀ mú.

Inú yàrá yẹn ni mo ti ṣe fíìmù Àǹtí Àbíkẹ́. Adúmáadán ni Àǹtí, wọ́n dúdú bí kóró iṣin. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣeré, ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀dọ̀ àti àjẹ́ nìkan ni àwọn olùdarí máa ń fún wọn ṣe. Nígbà tó yá, Àǹtí kọ eré tiwọn, wọ́n gbé e jáde fúnra wọn, wọ́n sì fi ara wọn ṣe ìyàwó nínú rẹ̀. Ọ̀gá Olúgbénga, tó ní ìkànnì Yútúùbù tí gbogbo ìgboro Ìbàdàn ń wò, ní òun máa gbé fíìmù náà fún aráyé rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ọ̀gá fi àwòrán kékeré kan láti inú fíìmù náà ránṣẹ́ sí Àǹtí lórí fóònù, wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé, “Òkùnkùn pọ̀ jù nínú fíìmù yín. Mo ti ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi bá yín tún un ṣe.” Àǹtí gbé fóònù náà wá bá mi. Mo wò ó. Ojú obìnrin tó wà níbẹ̀ rí bí ẹsẹ̀ tí wọn ò fi ìpara pa nígbà ọyẹ́.

“Ta nìyẹn?” Àǹtí ló bi mí bẹ́ẹ̀.

Inú ń bí mi.

“Gbé kọ̀ǹpútà rẹ,” ni wọ́n wí. “Ojú lọ̀rọ̀ wà.”

Ọ́fíìsì Ọ̀gá Olúgbénga wà ní Bẹẹrẹ, lókè pátápátá, ó ní fèrèsé gbàràmù gbaramu méjì tó kọjú sí Òkè Mápó. Oòrùn ń wọlé, síbẹ̀ gbogbo iná funfun tó wà lókè àjà ló tàn. Wọ́n gbé tẹlifíṣàn ńlá kan síbi tí oòrùn ti ń bà á. Ọ̀gá kí wa dáadáa, wọ́n ní ká jókòó, wọ́n sì tan fíìmù náà bí mo ṣe ṣe é gan-an, kí ọmọ iṣẹ́ wọn tó fọwọ́ kàn án.

Ó dé ibi tí ìyàwó ti dúró lójúde lálẹ́, tó wọ léèsì funfun, tó ń retí ọkọ tí kò ní wá. Léèsì nìkan la rí. Ọwọ́ kò sí, ojú kò sí.

“Ṣé ẹ rí i?” Ọ̀gá ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. “Inú ṣọ́ọ̀bù ni àwọn èèyàn mi ti ń wò ó, lọ́sàn-án gangan. Ṣé kí n ní kí wọ́n lọ máa pa iná?”

Ojú tì mí díẹ̀, mi ò ní purọ́. Inú òkùnkùn nìkan ni mo ti wo fíìmù yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

“Ọ̀gá, ẹ jàre níbi tẹ́ ẹ dé yẹn,” ni mo wí. “Ẹ fún mi ní rìmóòtù.”

Mo kọ́kọ́ fa kọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ń gbà, mo sì fi kún ìmọ́lẹ̀ tẹlifíṣàn náà. Lẹ́yìn náà mo wá ibi tí wọ́n kọ gámà sí. Orí 2.4 ló wà.

“Nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe máa gòkè láti orí dúdú dé orí funfun,” ni mo ṣàlàyé fún wọn. “Bó bá ṣe ga tó ni ibi tó ṣú ṣe máa ṣú sí i. Nínú yàrá tó ṣókùnkùn bíi tèmi, 2.4 dáa, torí ojú á ti là, á máa rí ohun tó fara sin. Níbi tí iná pọ̀ sí báyìí, ìmọ́lẹ̀ yàrá máa ń bo ibi tó ṣú mọ́lẹ̀. 2.2 ló yẹ yín.”

Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú Àǹtí jáde láti inú òru. A rí ẹnu tí wọ́n fún pọ̀, a rí omi tó dúró létí ojú tí kò já bọ́. Mi ò tíì fọwọ́ kan fíìmù náà rárá.

“Áà,” ni Ọ̀gá wí. “Ó ti hàn.”

Ṣùgbọ́n ojú náà ṣì funfun ráúráú bí eérú, léèsì sì ń kọ búlúù. Wọ́n ti gbé àwọ̀ tẹlifíṣàn náà sí ibi tó tutù jù, tó ń lọ sí bí ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án Kẹ́lífìn, ìyẹn ìwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀. Nọ́ńbà yìí tún yàtọ̀: bó bá ṣe ń ga ni àwòrán ṣe ń kọ búlúù, bó bá ṣe ń relẹ̀ ni àwọ̀ ṣe ń pọ́n. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 6500, ibi tí ti yàrá mi wà. Ìmọ́lẹ̀ yàrá lè yí gámà padà, kò yẹ kó yí ìyẹn padà.

“Kí lẹ fi kùn ún?” ni Ọ̀gá bèèrè. “Ó pọ́n bí ẹni pé wọ́n da epo sí i.”

“Búlúù ló ti mọ́ yín lójú, Ọ̀gá. Ẹ máa wò ó lọ, ẹ má wo ibòmíràn.”

Gbogbo wa tẹjú mọ́ ọn. Díẹ̀díẹ̀, epo náà ń lọ. Léèsì di funfun, ojú Àǹtí sì dúdú, ó ń dán, bó ṣe rí níbi tí wọ́n jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọ̀gá wo tẹlifíṣàn, wọ́n wo Àǹtí, wọ́n tún wo tẹlifíṣàn.

Wọ́n mí kanlẹ̀. “Mo gbà nípa gámà. Ẹ jẹ́ kí ibi tó ṣú yẹn mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i nítorí àwọn oní-fóònù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí búlúù tí ọmọ iṣẹ́ mi fi sí i wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn mi fẹ́ kí léèsì máa tàn yanran.”

“Tẹlifíṣàn ọ̀pọ̀ wọn ti ń kọ búlúù tẹ́lẹ̀ bíi tiyín,” ni mo wí. “Bẹ́ ẹ bá tún fi sínú fíìmù, búlúù lórí búlúù nìyẹn.”

“Ohun tí wọ́n fẹ́ nìyẹn.”

Ìgbà yẹn ni Àǹtí Àbíkẹ́ tó sọ̀rọ̀. Wọn ò gbóhùn sókè.

“Ọjà'ba ni wọ́n bí mi sí. Aṣọ ni ìyá mi ń bá àwọn èèyàn fọ̀, èmi ni mo sì ń po búlúù fún wọn. Léèsì la fi ń ṣan. Mi ò rí i kí wọ́n fi ṣan ojú ọmọ èèyàn rí.”

“Àbíkẹ́, mi ò lè gbé e báyìí.”

“Ẹ má gbé e.”

A sọ̀ kalẹ̀. Mo mọ ohun tí Àǹtí ṣẹ̀ṣẹ̀ jù nù. Ará ilé wọn àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń wo ìkànnì kékeré tí àwọn fúnra wọn ní. Síbẹ̀ orí mi wú. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù kan, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Mo jẹ́ kí ibi tó ṣú nínú òru náà mọ́lẹ̀ díẹ̀, mi ò fọwọ́ kan àwọ̀ rẹ̀. A wò ó lórí fóònù Àǹtí, a wò ó lórí tèmi, ojú wọn hàn lórí méjèèjì.

“Fi sórí ìkànnì mi,” ni wọ́n wí.

Ọ̀gá Olúgbénga ti bá wa sọ̀ kalẹ̀. Wọn ò bínú, àánú Àǹtí ló ń ṣe wọ́n. “Bí ó bá ṣe pé èèyàn méjì péré ló wò ó ńkọ́?”

“Èmi ni àwọn méjèèjì máa rí,” ni Àǹtí Àbíkẹ́ fèsì.

Mo tẹ̀ ẹ́, ó lọ.